Ọmọńdinrín Bàbá Fáṣínà

Bí ẹ bá bi àwọn ará pààrà tó wà lẹ́yìn ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde pé irú ọmọ wo ni Moṣọpẹ́, wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni, àfi pé ó máa ń kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n wí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló fi tẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà yíká kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọlé. Yóò gbé makirofóònù dání, yóò fa ilẹ̀kùn dé, yóò wá máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Nígbà tó bá fi máa jáde, á ti làágùn bí ẹni tó gúnyán fún ogún àlejò.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí àwọn inú fíìmù bá ti dákẹ́ ni ohùn tirẹ̀ ń gbà wọlé: ta ló dé, kí ló mú dání, báwo lojú rẹ̀ ṣe rí. Kò gbọdọ̀ gorí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí àwọn olójú kò tíì rí. Fún àwọn adití, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán: ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó sọ ọ́, àti ìró tó bá ṣe pàtàkì, bí ẹnì kan bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri tí a kò rí i. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò lè panu mọ́ níṣẹ́ yìí yẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Joel ló ya fíìmù kan nípa àwọn àgbàlagbà tó ń ta ayò ní Ayépé. Kì í ṣe eré; bí wọ́n ṣe ń ta á níwájú ilé wọn gan-an ló yà. Ọ̀gá wọn ni Bàbá Fáṣínà, tó ti di ọ̀ta, àgbà ọlọ́ayò, látìgbà tí Joel kò tíì dáyé, tó sì ń pe gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í ní ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta. Wọ́n fẹ́ gbé fíìmù náà jáde lọ́jọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan nílùú. Joel wá gbé e fún Moṣọpẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ àti ohùn sí i, kí afọ́jú àti adití lè jókòó láàárín àwùjọ wò ó bí ẹlòmíràn.

Moṣọpẹ́ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ni ín tọ́ ọ wò. Ó pe ẹni méjì wá sí yàrá rẹ̀. Èkíní ni Bàbá Ògúnbánwò, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní Odogbolu, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Tíṣà. Àrùn ojú ti mú ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Èkejì ni Kúbúrátù, aránṣọ tí èéyi di létí ní kékeré. Òun àti Moṣọpẹ́ jọ dàgbà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ tí Kúbúrátù fún Moṣọpẹ́ lédè ọwọ́ ni ìka márùn-ún tó ń ṣí tó ń pa dé lẹ́bàá ẹnu, ẹ kúkú mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ mú Bàbá Tíṣà wá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ki ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ọkùnrin.

"Ìjọba ni o! Owó orí la wá gbà!"

"Ẹ kúkú gbé orí náà lọ," ni Bàbá dáhùn láti inú yàrá. "Sọpẹ́, òórùn àkàrà tó o jẹ ti wọlé ṣáájú ẹ. Níbo ni tèmi?"

Lójú ọ̀nà ni Bàbá ti sọ ohun tí kì í sọ fún èèyàn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni òun àti Fáṣínà fi ń ta ayò nígbà kan. Kò na Fáṣínà rí. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ní òun á ka ọmọ ayò inú ilé òun lórí ọpọ́n, òun á tún un kà, síbẹ̀ iye rẹ̀ kò ní pé.

"Mo ní ojú ti lọ, ọpọlọ ló ń tẹ̀ lé e yẹn. Ni mo bá fi ayò sílẹ̀ kí n tó di ẹni yẹ̀yẹ́."

Joel àti Kúbúrátù ti ń dúró dè wọ́n ní yàrá Moṣọpẹ́. Wọ́n jókòó, Joel tan kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni wọ́n wò tí Bàbá Tíṣà fi gbọ́wọ́ sókè.

"Sọpẹ́, o ní 'bàbá arẹwà kan, orí rẹ̀ pá bí ìsàlẹ̀ àwo.' Ṣé ohun tó o rí nìyẹn, àbí ò ń wá ẹ̀rín lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Orí yẹn ń dán ni."

"Sọ pé orí pá, ó ń dán. Ẹ̀rín rẹ̀, fi í sílẹ̀, èmi náà lẹ́nu."

Kúbúrátù rí ojú Moṣọpẹ́, ó fi ọwọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Moṣọpẹ́ fi ọwọ́ ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Fíìmù ń lọ títí ó fi dé ibi tí Bàbá Fáṣínà àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Simeon jọ ń ta á. Ẹnu Bàbá Fáṣínà kò dúró: "Ọ̀pẹ ni ọ́, Simeon! Ìyá ẹ mọ̀ pé ọ̀pẹ lòun bí! Ọ̀pẹ! Ọ̀pẹ!" Simeon gbójú sókè láti fèsì. Nígbà náà gan-an ni ọmọńdinrín ọwọ́ òsì Bàbá Fáṣínà yọ́ jáde bí aláǹgbá, ó fa ọmọ ayò méjì láti ilé Simeon wọ ilé tirẹ̀.

Joel ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ó bú sẹ́rìn-ín. Moṣọpẹ́ náà kò lè mú un mọ́ra.

Àwọn méjì tó kù kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Bàbá Tíṣà béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," ni Joel dáhùn.

Bàbá Tíṣà nawọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Kò burú. Ibi gbogbo tí mo bá jókòó sí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Mo ṣèlérí fún ẹ pé mo máa wá lọ́jọ́ Sátidé, Sọpẹ́, mo máa wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí o má pè mí síbi fíìmù mọ́ láé."

Lẹ́yìn tó lọ, Moṣọpẹ́ yíjú sí Joel.

"Kí ló dé tó o parọ́ fún wọn?"

"Ọ̀rẹ́ ni òun àti Fáṣínà, Sọpẹ́, wọ́n jọ ń ta ayò tẹ́lẹ̀. Ṣé kí bàbá arúgbó wá gbọ́ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń rẹ́ òun jẹ? Ìwọ náà ò sì sọ ọ́ nínú ohùn tó o gbà. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ló ti dun Moṣọpẹ́, nítorí kì í ṣe àánú ló jẹ́ kó fò ó. Àyè ni kò rí. Ẹnu Bàbá Fáṣínà kò fún èèyàn láyè mímí.

"Joel, ọjọ́ Sátidé, gbogbo ẹni tó lójú nínú gbọ̀ngàn yẹn ló máa rí i. Bàbá nìkan ni kò ní rí i, ọ̀rọ̀ wọn sì ni! Bí kò bá dáa kí wọ́n gbọ́, a jẹ́ pé kò dáa kí àwọn yòókù rí i. Gé e kúrò."

Joel wo fíìmù rẹ̀ bí ìyá tí wọ́n ní kó gé ọmọ rẹ̀ nímú. "Èmi? Kí n gé e? Láéláé."

"Ó parí nìyẹn."

Kúbúrátù, tí ń wo ẹnu wọn látìgbà yìí, gbá tábìlì kí wọ́n lè wò ó. "Èwo ni gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín sí?" ni ọwọ́ rẹ̀ béèrè. Moṣọpẹ́ fi ibẹ̀ hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yìí ni Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀ wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo "ọ̀pẹ, ọ̀pẹ" yẹn, orí ọmọńdinrín náà gan-an ni wọ́n jókòó lé.

Ọwọ́ Kúbúrátù tún sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ pẹ̀lú Bàbá Fáṣínà. Ó fi ọ̀rọ̀ bo ìka, ìwọ náà fi ọ̀rọ̀ bo ìka."

Moṣọpẹ́ gbé ọwọ́ lérí. Bàbá Fáṣínà ti rẹ́ gbogbo wọn jẹ.

Ti Kúbúrátù kò le. Ó gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ sí òkè àwòrán, ó dín "ọ̀pẹ" tó pọ̀ jù kù kí ojú lè tètè kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sí ọpọ́n. Ti Bàbá Tíṣà ló gba làákàyè. Wọn ò lè dá àwòrán dúró kí ohùn rẹ̀ ráyè, nítorí àwùjọ kan náà ló ń wò ó. Etí ni àwọn afọ́jú yóò ti máa gbọ́ tiwọn nínú ohun tí wọ́n kì sétí. Bó bá sọ ọ́ ṣáájú, ó ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bó bá sọ ọ́ lẹ́yìn, àwọn yòókù á ti rẹ́rìn-ín tán.

Ó tẹ́tí sí ibẹ̀ títí ọ̀rọ̀ Bàbá Fáṣínà fi ń bọ̀ lẹ́nu òun náà lójú oorun. Ó wá rí i pé kí èébú tó bẹ̀rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan wà, nígbà tí Simeon ń ronú. Ó fi gbólóhùn kan síbẹ̀: "Ọwọ́ òsì Fáṣínà sinmi létí ọpọ́n, lẹ́bàá ilé Simeon." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo olójú ló ń rí ọwọ́ náà. Ó wá fi ohùn tirẹ̀ gorí "ọ̀pẹ" tó kẹ́yìn, kó fi sọ ti ìka náà. Kò fẹ́ gorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ ọ̀pẹ àkọ́kọ́ kò ní ṣàárò tìkẹyìn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé: "Bàbá olè yìí jí ọmọ ayò." Ó rántí orí tó pá, ó pa á rẹ́. Ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ó làágùn, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Ọmọńdinrín rẹ̀ fa ọmọ méjì wọ ilé tirẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Bàbá Fáṣínà jókòó níwájú bí ọkọ ìyàwó. Bàbá Tíṣà wà láàárín, Moṣọpẹ́ lọ́tùn-ún rẹ̀, Kúbúrátù lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Simeon, Moṣọpẹ́ kò wo fíìmù mọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Kúbúrátù wà nínú rẹ̀, ó lọ sókè ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹnu Bàbá Tíṣà là. Ẹ̀rín bọ́ láti inú ikùn rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú ti àwùjọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá dákẹ́ lójijì.

"Ọmọ tí mo ń kà tí kì í pé," ni Bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó wá dìde, ó figbe ta: "Fáṣínà! Láti ọdún wo?"

Bàbá Fáṣínà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ta nìyẹn? Ògúnbánwò? Ìgbà tójú ẹ là kedere, o ò rí mi. Ìsinsìnyí lo wá rí mi?"

"Mo rí ọ! Ọpọlọ mi pé, ìwọ lo jalè! Gbé ọpọ́n rẹ wá lọ́jọ́ Ìsinmi!"

Àwọn èèyàn tún bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Tíṣà kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Fáṣínà gbé ọpọ́n dé láti Ayépé, ó ń kùn pé ọmọ yẹn, Joel, ti tú àṣírí òun fáráyé. Moṣọpẹ́ fa àpótí kan sún mọ́ wọn, ó ní òun á máa sọ gbogbo ohun tí ọ̀ta bá ń ṣe.

"Panu ẹ mọ́," ni àwọn méjèèjì sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Tíṣà fi ìka ka ọmọ inú ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé. Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ lé orí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin.

"Ó yá, ta," ló wí. "Kí o sì sọ fún ọmọńdinrín yẹn pé onílé wà nílé."