Àwọn Tí Ìjábọ̀ Ní Wọ́n Fẹ́ Lọ

Mi ò fẹ́ràn ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọjọ́ náà ni ìjábọ̀ máa ń jáde lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa ní Àpápá, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí i. Tíráká là ń tà fún àwọn tó ní tírélà: ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń fi pamọ́ sínú ọkọ̀, tó ní síìmù nínú, tó ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Ọdọọdún ni oníbàárà ń san owó àsansílẹ̀ rẹ̀. Apá méjì ni ìjábọ̀ náà ní. Nínú apá kìíní ni orúkọ àwọn tí ọdún wọn pé lóṣù yẹn wà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ san tuntun. Apá kejì, tí wọ́n kùn ní pupa bí ẹni pé ogun ń bọ̀, ni orúkọ àwọn tí kọ̀ǹpútà fura sí pé wọ́n fẹ́ fi wá sílẹ̀.

Báwo ló ṣe ń mọ̀? Ó ń wò ó bóyá oníbàárà ń ṣí áàpù wa lórí fóònù, bóyá ó ní ẹjọ́ tí a kò tíì bá a yanjú, bóyá owó tó san kẹ́yìn pẹ́ kó tó wọlé. Ẹni tí kò bá ti ṣí áàpù fún ìgbà pípẹ́, inú pupa ló máa bọ́ sí. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Kọ̀ǹpútà tiwa ní òun mọ̀ ọ́n.

Lóṣù tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá wa tuntun gbé òfin tuntun dé. Tẹ́lẹ̀, bí ọjọ́ oníbàárà bá pé tí kò tíì san, a máa ń fún un láyè títí oṣù á fi parí kí a tó pa síìmù rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tó bá ti wà nínú pupa kò láyè mọ́ o, ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ bá pé gan-an ni ká pa á. Ó ní ilé iṣẹ́ ló ń san owó dátà síìmù wọ̀nyẹn, kò sì sídìí tí a ó fi máa sanwó lórí ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀. Mo bá a jiyàn títí ohùn mi fi ròkè, nítorí inú mi kì í pẹ́ẹ́ bí. Kò bá mi pariwo. Ó kàn ní kí n lọ pe àwọn oníbàárà mi.

Mẹ́rin nínú wọn ló gba àfiyèsí mi. Obìnrin ni gbogbo wọn, Amukoko ni gbogbo wọn ń gbé, tírélà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wá ra tíráká, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni ọdún wọn pé, ní àárín oṣù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣí áàpù láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ẹnì karùn-ún wà tí wọ́n jọ rà á, Amukoko lòun náà wà, òun ní tirẹ̀ ni ìjábọ̀ gbé gẹ̀gẹ̀. Kò sí wákàtí tí kì í ṣí i.

"Ẹ wo obìnrin yìí," ni ọ̀gá wí. "One truck o! Ká ya fọ́tò rẹ̀, ká fi ṣe ìpolówó. Irú oníbàárà tí à ń fẹ́ nìyí."

Mo pe àwọn mẹ́rin. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mi: a ó san, bí a bá ti kó àjọ ní ìparí oṣù. Ọ̀gá ní bí gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ Àjégúnlẹ̀ ni mí, mi ò lè bẹ̀rù Amukoko, mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Àdírẹ́sì tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wa, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni, níbi tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ta ni mo bá níbẹ̀? Obìnrin karùn-ún yẹn, ẹni tí ọ̀gá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì fi ọ̀rá funfun wé fóònù rẹ̀ nítorí ọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi tírélà sílẹ̀ fún un kó tó kú. Bí mo ṣe ń kí i ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn wọlé wá jókòó sórí àga tí ó dà bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Mo ṣàlàyé ìjábọ̀ fún wọn. Ìyá ọlọ́ìlì tú ẹ̀rín.

"Àwa ni kọ̀ǹpútà yín ní a fẹ́ lọ? Na wa o! Ká lọ síbo?"

"Mà, wọn kì í ṣí áàpù ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣí i fún? Èmi ń ṣí i!"

Ó tú ọ̀rá fóònù, ó nà án sí mi. Ọkọ̀ márààrùn-ún wà lójú àwòrán ilẹ̀, tirẹ̀ àti tàwọn mẹ́rin. Áàpù wa gba oníbàárà láyè kó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá òun wo ọkọ̀ òun, gbogbo wọn sì ti fún ìyá yìí láyè láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ojú ọ̀kan nínú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọ̀kan ò mọ̀wé, àwọn méjì ní dátà ń jẹ owó. Láràárọ̀, bí ìyá bá ti kírun sùbúù tán, á jókòó, á wo ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá máa pè wọ́n. Tìẹ ti kọjá Lọ́kọ́ja. Tìẹ ṣì wà lórí ìlà ní èbúté Tin Can, kò tíì sún. Bí ọkàn ẹnì kan bá tún ń dà á láàmú lọ́sàn-án, á pè é, ìyá á nu ọwọ́, á tún un ṣí. Mo wo obìnrin yìí, mo ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́. Òwò tírélà kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ó sì ti gba àìsùn gbogbo wọn sí ọwọ́ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an. Kọ̀ǹpútà wa ka ṣíṣí gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ka àwọn yòókù sí òkú.

Ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ síìmù ni ẹ̀rín tán. Ọ̀rẹ́ tó jókòó yẹn di etí gèlè rẹ̀ mú. Ìyá ló bá a sọ ọ́.

"Ọmọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Kánò ló ń lọ báyìí. Ṣé kí ẹ pa á lójú ọ̀nà ni?"

Mo pe ọ̀gá níbẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún un. Ó ní òun kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n bí òun bá fi ọwọ́ yí i fún ẹnì kan, gbogbo Àpápá á wá. Ó ní láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Bí àwọn ìyá bá fi fóònù ara wọn ṣí áàpù lójoojúmọ́ kí ọjọ́ wọn tó pé, wọ́n á kúrò nínú pupa, àyè wọn á sì padà. Tírélà ọmọ náà kò ní pòórá.

Ìyá ọlọ́ìlì wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe àwọn yòókù.

Hàáà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà! Gbogbo wọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé. A tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí fóònù wọn, nọ́ńbà dé, wọ́n ní ta ló fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sáwọn. Ìyá ló ń kọ́ wọn, èmi kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

"Press am small small! Ṣé ata lò ń lọ̀ ni?"

Ẹni tí kò mọ̀wé, ìyá kọ́ ọ láti fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n: ewé tútù ni ọkọ̀ tó ń rìn, eérú ni ọkọ̀ tó dúró. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò dáa, ó sọ lẹ́tà fóònù di ńlá. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pè é láàárọ̀, kò sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún wọn mọ́. "Ṣí i fúnra rẹ," ni yóò wí, á sì dúró lórí ìpè títí wọ́n á fi rí i. Ó yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo ń gba owó oṣù lórí iṣẹ́ yìí kò ní sùúrù tó tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń kúrò nínú pupa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kẹ́yìn ni ìyá awakọ̀ tó lọ Kánò yẹn, ọjọ́ rẹ̀ ku ọ̀la. Mo rí i láàárọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà, mo pariwo, ọ̀gá náà sì pàtẹ́wọ́. Tírélà lọ Kánò, ó bọ̀, a ń rí i títí tó fi já ẹrù ní Ìjọ́ra. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n kó àjọ, gbogbo wọn san.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ìjábọ̀. Àwọn mẹ́rin mi dára bí ewé. Ẹnì kan láti Amukoko wà nínú pupa. Ìdí tí kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀ ni pé oníbàárà yìí kì í ṣí áàpù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó já wálẹ̀ gan-an. Ìyá ọlọ́ìlì ni. Jìnnìjìnnì bo ọ̀gá. Ó tẹ ìwé ẹ̀dínwó kan jáde, ó ní kí n lọ fún un kíá.

Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni.

"Mà, wọ́n ní ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ọkọ̀ kan ni mo ní, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó mi." Ó nu orí gálọ́ọ̀nù kan, ó tún un nù. "Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kírun tán, ẹnu mi kì í sinmi. Ní báyìí, bí mo bá kírun tán, mo kàn ń jókòó ni."

Ó dùn mí. Mi ò tíì ronú kan ohun tí ìpè àárọ̀ yẹn jẹ́ fún obìnrin tó ń dá gbé inú ilé.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni, Mà?"

"Kábàámọ̀ kí ni? Ọmọ ọlọ́mọ wà lójú ọ̀nà!"

Fóònù rẹ̀ dún nínú ọ̀rá. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọ́ìlì, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá awakọ̀ ni.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọmọ mi dé?"

"Ṣé o ò tíì ṣí i ni? Ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Mo ti ṣí i. Mo ti rí i, Ìbàdàn ló wà. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìyá ọlọ́ìlì mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó ṣí áàpù, ó sì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìdáhùn rárá.

"Ìbàdàn ni," ó wí. "Ó dúró. Ó jọ pé ó ń jẹun."

Mo fi ìwé ẹ̀dínwó náà sílẹ̀ nínú báàgì mi. Ìjábọ̀ wa kò níbi tí wọ́n ti ń ka ìpè.