Dúdú Tí Kò Sí Nínú Lógò

Inú mi ṣì máa ń dùn ṣìnkìn bí mo bá rántí ọjọ́ náà. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Òkìtìpupa. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kàwé dé, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi ló máa ń yẹ gbogbo iṣẹ́ mi wò kí n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n dá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá kan láti Òde-Ayé ló ni iṣẹ́ náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún epo pupa. Ilé ìtajà kan ní Àkúrẹ́ ti gbà láti máa tà á fún wọn, ṣùgbọ́n ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé lára, pẹ̀lú àwọ̀ lógò wọn, ìyẹn àmì ẹgbẹ́ wọn. Ọkọ̀ máa kó epo náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n ti fi lógò náà ránṣẹ́ sí mi: ẹyìn mẹ́ta pupa àti ewé méjì, kékeré láàárín fáìlì tó fẹ̀ gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ohun tí o bá gbé e lé lórí ni wàá rí gba ibi tó ṣófo náà. Ojú òpó kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń ka àwọ̀ inú àwòrán, tó sì máa ń kọ́kọ́ pe èyí tó pọ̀ jù, mo gbé lógò náà síbẹ̀. Àwọ̀ tó pè ní àkọ́kọ́ ni dúdú. Ìkejì jẹ́ pupa tó ṣú, bí ilẹ̀ tí òjò ti rin. Mo wo lógò náà, n kò rí dúdú kankan, àmọ́ mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ mọ̀ jù mí lọ. Mo fi dúdú kún gbogbo ojú ìwé náà, mo tẹ ẹyọ kan jáde.

Ìyá náà, tó jókòó dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, gbé e dání, ó wò ó pẹ́.

“Ọmọ mi, ta ló jó epo mi?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i pé kò ṣeré. Ó ní ẹni tó bá rí i máa rò pé ìsàlẹ̀ ìkòkò la ha sínú ìgò. Ó gbé ìgò epo kan kalẹ̀ síwájú mi kí n lè rí bó ṣe pupa tó. Ó ní òun ń lọ sọ́jà, bí òun bá dé tí kò tíì dára, òun á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà ní òdìkejì títì. Ọ̀gá mi kàn ń wò mí, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

Mo pọn ọmọ mi, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọkàn mi kò kúrò lórí dúdú yẹn. Níbo ló ti wá? Mo wá tẹ́ àwọ̀ yẹ́lò sábẹ́ lógò náà, mo fi í pamọ́ bí àwòrán tuntun, mo sì tún gbé e fún ojú òpó náà. Àwọ̀ àkọ́kọ́: yẹ́lò! Mo fò sókè, ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Ó ti yé mi. Ibi tó ṣófo nínú fáìlì, ojú òpó yẹn kò mọ̀ ọ́n sí òfo. Dúdú ló ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òfo sì pọ̀ ju àwòrán lọ. Mo gé gbogbo òfo etí rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ pupa tí ojú òpó náà kà ṣì ṣú díẹ̀. Mo wá fẹ àwòrán náà lójú títí ó fi di igun mẹ́rin kéékèèké. Àwọn tó wà létí ẹyìn ò dí tán. Bí omi tí a bù mọ́ ọbẹ̀ ni wọ́n rí, ohun tó wà lábẹ́ ń yọ lára wọn. Dúdú ló ń dà pọ̀ mọ́ wọn. Mo pa àwọn tó wà létí tì, mo mú àwọ̀ láti àárín ikùn ẹyìn, níbi tó ti dí pinpin. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewé náà.

Nígbà tí ìyá náà dé, mo ti tẹ òmíràn. Mo gbé e ti ìgò epo rẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé wéréwéré bí ọmọ iléèwé, pé ẹ̀rọ ka òfo mọ́ àwọ̀.

Ìyá náà ní, “Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ẹni tó bá ń fún epo, ó máa ń já ẹyìn kúrò lára ìdì ná. Ta ló ń se ìdì mọ́ ọn?”

Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà fi ìka tọ́ pupa orí ìwé náà, ó wo ìgò, ó tún wo ìwé.

“Epo mi rèé. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀gá mi dìde lórí àga tó wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ní kí n wá jókòó, kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.