Báàgì Pọ́tì Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn náà rí ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, kì í sì í ṣe ti iwin. Ọ̀rọ̀ ògiri ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ti bà mí lẹ́rù láti ìgbà tí mo ti dáyé, ògiri ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀dà ni mo ń kùn jẹun. Ṣakí ni mo fi ṣe ibùjókòó, kò sì sí ìlú láti Ilua títí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí mi ò gun àkàbà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa á rò pé ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀. Rárá o. Aṣọ ni ọ̀dà. Pọ́tì ló wà lábẹ́ aṣọ. Ìyẹ́fun funfun ni, inú báàgì ló ń wà. A ó fi omi pò ó kó ki, a ó fi irin pẹlẹbẹ fà á sára ògiri kí ihò rẹ̀ dí. Bó bá gbẹ, a ó fi sánpépà ha á kó dán. Lẹ́yìn náà ni pìráímà, ọ̀dà àkọ́kùn tí a ń fún ògiri mu kó má baà mu ọ̀dà gidi. Ẹni tó bá fo èyíkéyìí nínú méjèèjì, òjò kan péré ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Àwọn ológun ló ń ṣe ìjọba lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú bá a á rántí: ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó jí ohun ìjọba, wọn a gbé e lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ a sì máa wá a láti bárékè dé bárékè. Nínú ọdún yẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí kan fún mi, ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ilé amọ̀ àtijọ́ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Wọ́n ní kí n wò ó, kí n kọ iye pọ́tì àti pìráímà tí yóò gbà, kí n sì fọwọ́ sí i.

Mo lọ. Mo ka ògiri mẹ́rìndínlógún, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ó ga tó mẹ́wàá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n. Wọ́n ń yọ̀ bí ẹ̀yìn igbá. Mo ní ó parí: lórí ògiri tó dán, báàgì pọ́tì kan á fa ògiri kan lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gálọ́ọ̀nù pìráímà kan á sì tó ògiri mẹ́ta. Mo kọ báàgì mẹ́rìndínlógún, mo kọ gálọ́ọ̀nù mẹ́fà. Mo fọwọ́ sí i. Bàbá sítọ́ọ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣakí, ka ẹrù náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Bàbá Ìbejì, sójà ló ń ṣọ́ ìwé yìí o. Ohun tí ẹ kọ, òun ni ẹ gbà. Ẹ má padà wá sọ fún mi pé kò tó."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo òmùgọ̀.

Ọjọ́ tí èmi àti ìkejì mi níṣẹ́ dé ibẹ̀, a fa pọ́tì díẹ̀ sí igun kan láti dán an wò. Nígbà tó gbẹ, ó ré bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Mo bu omi sí ògiri, mo fi irin ha á, mo gbóòórùn. Ìgbẹ́ màlúù! Àwọn obìnrin ìlú ti fi ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo irúgbá pa ilé náà, bí àwọn ìyá wa ti máa ń palé lágbègbè wa, kó má baà yìnrìn. Ohun tí ọwọ́ mi ń rà lọ́jọ́ kìn-ín-ní kì í ṣe ògiri rárá. Awọ ni.

Kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a bó awọ náà lọ, nítorí pọ́tì kì í di mọ́ ọn. A bó o. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó rẹ́ ilé náà nígbà ìwáṣẹ̀ kò jọ yanrìn rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ihò ni, òjò sì ti jẹ ibòmíràn tó fi jin tó ìdajì ìka.

Ìkejì mi dúró, ó wò ó. Ó ní, "Ṣé ògiri nìyí, àbí ojú ẹni tó ṣe ṣọ̀pọ̀nná?"

Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ògiri kan ń gbé báàgì mẹ́ta mì. Nígbà tí a parí ìkarùn-ún, tí a fa ìdá kan nínú mẹ́ta ìkẹfà, báàgì mẹ́rìndínlógún ti tán. Báàgì òfìfo wà nílẹ̀, ògiri mẹ́wàá àti ààbọ̀ ó lé ń wò wá. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, tó wo ìwé tí mo fọwọ́ sí, ohun kan ṣoṣo ni yóò rò: mo ti tà á.

Ìkejì mi ní kí a sá kọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà kò jìn. Mo ronú sí i. Kí n má purọ́ fún yín, mo ti di ẹrù mi tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá, Bàbá sítọ́ọ̀ ni wọn yóò mú, ẹni tí kò jẹ, tí kò mu. Mo tú ẹrù náà. Mo ránṣẹ́ sí Ṣakí pé pọ́tì kò tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, sájẹ́ǹtì kan dé pẹ̀lú sójà méjì. Kò jókòó. Ó ka báàgì òfìfo, ó ka ògiri. Ó ní, "Mẹ́rìndínlógún fún mẹ́rìndínlógún lo kọ. Níbo ni ìyókù wà?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ara ògiri ló wà."

"Ìwọ pẹ̀lú ògiri, ta ni òpùrọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi hàn án. Yàrá kan wà tí a kò tíì bó, ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Mo fi ẹfun fa ojú igun mẹ́rin méjì sára ògiri rẹ̀, wọ́n dọ́gba. Mo bó ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀. Mo gbọn ìyẹ́fun tó kù nínú àwọn báàgì sínú garawa, mo pò ó, mo sì fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. Lórí awọ, agolo kan ló gbà. Lórí èyí tí mo bó, agolo kan kò bò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Mo da èkejì, mo da ẹ̀kẹta kó tó kún.

Sájẹ́ǹtì ní, "Kí ló dé tí ẹ kò kúkú fà á sórí èyí tó dán?"

Mo mú un lọ sí igun tí a kọ́kọ́ dán wò. Mo fi èékánná kan án. Ó já sílẹ̀ pọ́ńpọ́ń.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó má béèrè: "Ta ló fi ìgbẹ́ pa ilé ìjọba?"

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Mo wolẹ̀. Mo ní nínú mi pé bí mo bá dárúkọ, mo bọ́. Bí n kò bá dárúkọ, ọkọ̀ sójà wà níta. Kí n sọ òtítọ́ fún yín, mo ti ń lanu láti dárúkọ.

"Èmi ni." Ìyá arúgbó kan ló sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, olórí àwọn obìnrin àdúgbò náà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní, "Ọwọ́ yìí ló pa á. Ọmọ mi, òjò ń jẹ ilé tí àwọn ọmọ wa ń bímọ sí. A kọ̀wé, wọn ò dá wa lóhùn. Ṣé kí a máa wò ó títí yóò fi wó lu aláboyún? Bí ẹ bá fẹ́ gbé mi, ẹ gbé mi, ṣùgbọ́n ẹ fà mí wọkọ̀ jẹ́jẹ́, orúnkún ń dùn mí."

Sójà kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè mú ojú rẹ̀ le. Sájẹ́ǹtì wo ìyá náà títí. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ sílé." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣe ìṣirò rẹ lákọ̀tun, lójú mi. Ohun tí o bá kọ ni wọn yóò kó wá. Bó bá dín ní báàgì kan, o ti jalè. Bó bá ṣẹ́kù báàgì kan, o fẹ́ jalè. Méjèèjì, bárékè kan náà ni."

Ẹ̀rù tó bà mí tẹ́lẹ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. A bó gbogbo ògiri tó kù, títí kan ti yàrá oògùn. Mo mú pákó tó tọ́, mo gbé e lé ara ògiri kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka wọn àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Mẹ́fà jin bí àwọn ti àkọ́kọ́: báàgì mẹ́ta mẹ́ta, méjìdínlógún. Mẹ́rin tí òjò kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn: méjì méjì, mẹ́jọ. Ògiri kẹfà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ku báàgì méjì. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo wọ́n omi sára pọ́tì tó ti gbẹ. Ó mu ún kí n tó ṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé gálọ́ọ̀nù kan kò ní í kọjá ògiri méjì. Mẹ́jọ ni, mẹ́fà wà nílẹ̀, ó ku méjì.

Ọwọ́ mi fẹ́ kọ ọgbọ̀n báàgì. Ẹ̀rù ló fẹ́ kọ ọ́. Mo kọ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹrù dé, mi ò sì rántí pé mo jẹun kan tó dùn lẹ́nu mi. A tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ohun tó bá já bọ́, a kó o padà kó tó le. Ìwọ̀nba tí a lè fà kó tó dì ni a ń pò. Ní ògiri tó kẹ́yìn, a tú báàgì ìkẹyìn, mo sì rí i pé ibi tó jin jù lọ ṣì wà lókè. Mo gun àkàbà, mo ń fà, mo ń wo garawa, mo ń wo ògiri. Ó bò ó. Ohun tó ṣẹ́kù kò kún ọwọ́.

Sájẹ́ǹtì padà wá lọ́jọ́ tí pìráímà gbẹ. Ó gbọn báàgì kọ̀ọ̀kan wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrá dé òpin rẹ̀, mo sì ń tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ kùn ún." Ó jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Gbogbo rẹ̀ ti di àná. Ìlú ló jogún ilé ìgbẹ̀bí náà, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀ di òní. Wọ́n dá Bàbá sítọ́ọ̀ dúró lọ́dún kejì láìṣẹ̀. Oko ló padà sí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló jogún oko náà. Ìyá arúgbó yẹn ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jogún ipò rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ẹnu mímú náà kò sì gbẹ́yìn. Ìkejì mi gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ilua, nítorí mi ò lè fọwọ́ sí ìwé ìjọba mọ́ láyé mi. Ẹ̀rù yẹn ni èmi jogún.