Ọmọ Tí Wọ́n Mú Dípò Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé Elkanah ti sú u pátápátá. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, Ìkòsí ló ń gbé, àlòkù gíábọ́ọ̀sì ló ń tà ní Owódé Onírin. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá wá Débọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá sílé lórí ẹ̀sùn pé ó ta ọjà olè. Débọ́lá ti ná pápá bora. Elkanah tó ń jẹun lọ́wọ́ ni wọ́n gbé. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà látìmọ́lé, kò fojú kan adájọ́ kankan. Ìgbà tí Débọ́lá yọjú ni wọ́n tó ní kó máa lọ.

Bó ṣe ní òun máa pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ ni gbogbo ilé bá di lọ́yà. Uncle Àkànní ní ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n láìjẹ̀bi nìkan ló lè gba owó gbà-má-bínú. Débọ́lá, aláìnítìjú, ní òun tí wọ́n ń wá gan-an ló yẹ kó gbà á. Mummy ní kí wọ́n kàn ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò rí ayé! Elkanah mú Mummy, ó di ọ́fíìsì Lọ́yà Nusirat ní Ọ̀jọ́ta.

“Kò dìgbà téèyàn bá ṣẹ̀wọ̀n,” lọ́yà ní. “Ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́, òfin ìlú ní kí wọ́n fún un lówó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. High Court la máa lọ. Kò sì tíì pẹ́ jù, irú ẹjọ́ yìí ò ní gbèdéke.”

“Bọ̀dá Débọ́lá ńkọ́?”

“Òun ni wọ́n fura sí. Tí kóòtù bá tiẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́la, ìyẹn nìkan ò sọ pé wọ́n ṣì í mú. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Ta ló lè búra pé torí ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n ṣe mú yín?”

“Mummy wà níbẹ̀. Mummy, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn.”

Mummy ń fọwọ́ tún gèlè ṣe. “Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti ń lọ, wọ́n ní àwọn á padà wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú ẹ lọ ná, pé tí Débọ́lá bá gbọ́, á wá.”

Ọkàn Elkanah gbọgbẹ́. Láti ọdún tó kọjá, ọlọ́pàá nìkan ló ń bú.

Lọ́yà ní ìyẹn ò dá ọlọ́pàá láre, ìyá ò lè fi ọmọ kan dúró fún èkejì. Àmọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni Mummy gbọ́dọ̀ búra sí, lórúkọ ara rẹ̀.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, Mummy?”

“Mo mọ̀ pé o ò ní bá mi bínú.”

“Mo ń bínú, Mummy. Inú ń bí mi gan-an.”

Lọ́yà bi Elkanah bóyá kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Elkanah kọjú sí Mummy.

“Ẹ kọ ọ́,” Mummy ní. “Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo fà á lé wọn lọ́wọ́.”