Bí Jẹ́jẹ́ Ṣe Fi Fóònù Wáṣẹ́

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Níbi iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kì í pariwo, kì í fẹsẹ̀ gbá nǹkan. Tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, á kọ́kọ́ dúró wò ó bí ẹni pé ilẹ̀kùn máa bu òun jẹ. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù. Mo pọ̀n ọ́n rí, mo mọ̀.

Aṣọ ló ń fọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ìfọṣọ náà wà, kò ní fèrèsé. Aṣọ ibùsùn láti gbogbo yàrá òkè ń gba inú ihò kan já bọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, gbì, gbì, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀rọ ń gbóná. Oògùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ funfun ń ta sí wọn nímú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ rẹ̀ ń wà, àmọ́ ọkọ̀ yẹn ti di ará ilé mẹkáníìkì, kò bá wọn gbé mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ yìí nìkan ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn àti àwọn ìbejì wọn. Kò ṣeé fi sílẹ̀, kò sì ṣeé dúró sí.

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wáṣẹ́ síbòmíràn, á ní kó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀, kó máa lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Bó ṣe ṣe ọkùnrin tó ń lọ aṣọ nìyẹn. Jẹ́jẹ́ ló bá ọkùnrin náà ká ẹ̀wù yẹn.

Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ìlú náà ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì tuntun gba ènìyàn síṣẹ́ ti gbé ìkéde sí. Wọ́n ń wá alábòójútó ilé ìfọṣọ, iṣẹ́ ojúmọmọ nìkan. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ̀wé sí òun níkọ̀kọ̀, kó má kọ ọ́ sínú gúrúùpù, kó má pe òun. Kó sọ orúkọ, iṣẹ́ tó fẹ́, ọdún tó ti fi ṣe irú rẹ̀. Kó fi ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí ẹlòmíràn ò lè yí padà, tí wọ́n ń pè ní pídíẹ́ẹ̀fù.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wà nínú gúrúùpù kan náà.

Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n wá sí yàrá mi, òun àti ọkọ rẹ̀; inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Ọ̀sán ló máa wọṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, ó di fóònù mú bí ẹni di ẹyin mú.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ọkọ rẹ̀ ti bá a kọ ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ọkọ yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Ó dìde dúró kà á bí ẹni ń ka ìwé lórí pèpéle: "Ọlọ́lá jùlọ, ìyá rere, orísun ìrètí àwọn aláìníṣẹ́, mo fi gbogbo ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn wólẹ̀ níwájú yín..."

Mo ní, "Ta ló kú?"

"Bàbá, ọ̀wọ̀ nìyẹn o. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ẹni ńlá."

"Ìgbà wo ló máa dórí iṣẹ́?"

"Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀."

Ó dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ló ti kọ ọ́ ní orúkọ Jẹ́jẹ́ pé ọ̀gá òun ń fìyà jẹ òun, ó ní oògùn ń pa òun lọ, ó ní ọkọ̀ ọkọ òun ti bàjẹ́, ó ní kí wọ́n ṣàánú àwọn ìbejì. Ó wá fi àdúrà gígùn kan dì í.

Mo bi Jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kóòtù ni o kọ̀wé sí ni, àbí ibi iṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní obìnrin yẹn máa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ó kí i, kí ó sọ ibi tó ti rí ìkéde, kí ó sọ ohun tó lè ṣe, kí ó dúpẹ́, kó dákẹ́. Ẹni tó bá bú ọ̀gá rẹ̀ fún àjèjì, àjèjì á rò pé ó máa bú òun náà.

Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó tún un kọ, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń ṣí ẹnu bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé. Ohun tó kọ nìyí, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo rí ìkéde iṣẹ́ alábòójútó ilé ìfọṣọ tí ẹ fi sínú gúrúùpù àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, mo sì fẹ́ kí ẹ yẹ̀ mí wò fún un. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, mo sì ti darí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà fún ọdún mẹ́rin nínú rẹ̀. Mo mọ ẹ̀rọ àti oògùn iṣẹ́ náà lò. Ìwé ìtàn iṣẹ́ mi ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Mo lè wá rí yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dá. Ẹ ṣeun mà."

Ó dára. Kò sí kinní kan tó ń tàn yòò nínú rẹ̀. Ó tiẹ̀ rántí àwòrán ojú WhatsApp rẹ̀, èyí tó ti wọ awò dúdú, tó na ahọ́n síta níbi ọjọ́ ìbí kan. Ó yọ ọ́, ó fi èyí tó ti dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ sí i.

Ó wá ṣe àṣìṣe.

Ó fẹ́ kí obìnrin náà mọ ìkéde tí òun ń dáhùn. Ó fa ìkéde yẹn sápá ọ̀tún bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ dá wọn lóhùn. Ó lẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Fífà bẹ́ẹ̀, inú gúrúùpù ló ń dáhùn sí. Ó yẹ kó tẹ ìkéde náà mọ́lẹ̀, kó wá yan èyí tó ní kí ènìyàn dáhùn níkọ̀kọ̀. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló gbé e lọ.

Ó ní, "Yéè." Ohùn náà kéré gan-an.

Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti wo àwọn tó ti kà á. Àwọn méjì kan ti kà á. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ wà lára àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọn ò tíì kà á.

"Pa á rẹ́!" ni ọkọ rẹ̀ ń pariwo. "Ìyá Ìbejì, pa á rẹ́ fún gbogbo wọn! Má pa á rẹ́ fún ara rẹ nìkan o!"

Ó pa á rẹ́ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n WhatsApp kì í jẹ́ kó mọ́ tán. Ó fi àpá sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Kò pẹ́ tí aláwàdà kan nínú gúrúùpù fi kọ ọ́ pé, "Jẹ́jẹ́, kí lo jí gbé pamọ́ fún wa?" Òmíràn fi ẹ̀rín lé e. Ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Mo rí i tí ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ kankan mọ́.

Mo ní, "O ti wọ inú omi. Kọjá."

Ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ síbi tó yẹ, pẹ̀lú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ fáìlì náà. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó fi àlàyé gígùn sí i nípa àṣìṣe ọ̀hún. Ìlà kan ló fi sí i: "Ẹ má bínú mà, mo ṣèèṣì kọ́kọ́ fi sínú gúrúùpù, mo ti pa á rẹ́." Ó wá wẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Ó rìn bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀gá kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ wá sílé ìfọṣọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí rẹ̀, ó mú etí aṣọ ibùsùn kan, ó ní kí Jẹ́jẹ́ mú etí kejì. Àwọn méjèèjì jọ ń ká a.

"O ti jẹun?"

"Rárá mà. Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Èwo nínú méjèèjì?"

Jẹ́jẹ́ tún etí aṣọ náà mú.

Ọ̀gá ní, "Ọwọ́ mi ni fóònù mi wà nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ dé. Mo kà á lókè ojú fóònù, mi ò tiẹ̀ ṣí i."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dákun..."

"Mú etí aṣọ yẹn dáadáa. Mo wá ibi tí o ti bú mi. Mi ò rí i."

"Mi ò lè bú yín mà."

"Ẹ ń bú mi lójoojúmọ́ níbí. Ihò tí aṣọ ń gbà wá yẹn ń gbé ohùn yín gòkè." Ó gbé aṣọ tí wọ́n ká lé orí èyí tó kù. "Ọdún mọ́kànlá. Kò dà bíi pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀la, kọ́ ọmọbìnrin tuntun yẹn bí wọ́n ṣe ń po oògùn."

"Títí dìgbà wo, mà?"

"Títí tó fi máa mọ̀ ọ́n."

"Tí wọ́n bá wá bi yín léèrè nípa mi ńkọ́, mà?"

"Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ."

Ó gbé fóònù rẹ̀, ó gòkè lọ. Kò ní kó bọ́ ẹ̀wù. Kò sì ní kó má bọ́ ọ. Ọmọbìnrin tuntun náà, tó ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ nítòsí wọn, ń wo Jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ tó yára lóye ni.

Nígbà tó délé, yàrá mi ló kọ́kọ́ wọ̀. Fóònù dún. Obìnrin agbanisíṣẹ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà kò gùn: "Mo ti rí i. Ẹ wá ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí yín dání. Ènìyàn mẹ́sàn-án la pè."

Ọkọ rẹ̀ fò sókè. Jẹ́jẹ́ kò fò. Òwúrọ̀ ló máa wọṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Sọ pé inú ń run ọ́."

Ó wò ó. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun gbọ́ ọ. "Ẹ káalẹ́ mà. Wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo tọrọ àyè títí di ọ̀sán. Màá ti po oògùn ọjọ́ náà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè. Ẹ ṣeun mà." Ó wo orúkọ tó wà lókè fóònù lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́.

Àmì méjì jáde. Àmì méjèèjì di búlúù: ọ̀gá ti kà á.

Gbogbo wa ń wo fóònù náà. WhatsApp ní ọ̀gá ń kọ̀wé. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún ń kọ̀wé. Ó tún dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ ka iwájú Jẹ́jẹ́. Ó jẹ ìdajì búrẹ́dì kan àti ẹyin díndín, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó sì fi tíì rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi tutù.