Ọjọ́ Tí Mo Da Tòmátì Màmá Sílẹ̀ Láàárín Ọjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi kan rí mi nínú ọjà níbí ní Oǹdó, tí mo di ojú, tí mo ń gbóòórùn tòmátì. Ó rẹ́rìn-ín títí! Ó ní ta ló kọ́ mi ní irú eléyìí. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo sunkún.

Màmá ló kọ́ mi, ìyá tó bí ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi kú, bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn síbí ní Oǹdó, ni Màmá bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ló ń tà fún àwọn mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé wa. Ọbẹ̀ yẹn ló ń bọ́ wa, òun náà ló ń san owó ilé ìwé mi. Kò sí nǹkan mìíràn.

Àsìkò yẹn le o! Ṣé ẹ rántí ìgbà tí owó ọkọ̀ ń lé sí i lójoojúmọ́, tí ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà ń fi tòmátì mẹ́ta se ọbẹ̀? Tí tòmátì bá ti wọ́n báyẹn, ẹni tó bá ra èyí tí kò dáa ti jẹ gbèsè kó tó dáná.

Àsìkò náà ni ojú Màmá ń lọ. Kò lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn, tó fi jẹ́ pé iwájú nìkan ló ń rí, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Ó kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bi mí pé ta ló máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ afọ́jú. Wọ́n á ní irun wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní eṣinṣin wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè rí ẹni tó mọ́ tó Màmá mi! Ó máa ń fọwọ́ dá gbogbo ìkòkò rẹ̀ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe ilé ìdáná. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ irú tòmátì tí mo fẹ́. Tòmátì Hausa, èyí tó gùn bí ẹyin, ẹran rẹ̀ nípọn, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Tòmátì Yorùbá, èyí tó ní ìlà lára, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń kan. Èèyàn á rà á tán, á tún máa ná owó èédú láti fi gbẹ omi rẹ̀. Bí owó ò bá tó, kí n pò wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kí ti Hausa pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́. Kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Tó bá le gbagidi, kò tíì pọ́n dénú. Tó bá wọlé tí kò padà, ó ti ń jẹrà. Tó bá wọlé díẹ̀ tó sì padà, kí n mú un. Kí n fọwọ́ yí ara rẹ̀ ká bóyá ó ti là. Kí n gbóòórùn ibi tí wọ́n ti já a lára igi, nítorí ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ọtí, kí n fi í sílẹ̀. Kí n má wo òkè rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn tòmátì rárá, torí àwọn tó dáa ni wọ́n máa ń tò síbẹ̀. Kí n ti ìka bọ ìdí rẹ̀. Bí ìka mi bá jáde pẹ̀lú omi, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́ nìyẹn.

Ti ìdúnàá-dúrà tún wá! Màmá ní kí n kọ́kọ́ béèrè iye ata, kí olójà má mọ̀ pé tòmátì ni mo wá rà. Kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí n tó dá iye kankan. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, kí n máa rẹ́rìn-ín. Tí kò bá gbà, kí n kí i dáadáa, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n rọra rìn, torí ẹni tó bá sáré ò ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ẹ máa bọ̀. Iye tí mi ò bá fẹ́ san, kí n má fi ẹnu kàn án, torí tí olójà bá ní kí n máa mú un lọ, mo ti rà á nìyẹn. Kí n sì béèrè èènì nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bá a ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ọmọ tó ń bẹ̀rù kó má sọnù. Tí tòmátì bá dáa lójú mi, mo máa ń fún ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá dáa, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo máa ń sọ ẹni tó ń bọ̀ sí i létí, òun á sì kí onítọ̀hún lórúkọ. Kò sẹ́ni tó fura.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan péré ni Màmá kì í jẹ́ kí n ti bá òun yan nǹkan. Ìyá Kẹ́mi tó ń ta tòmátì ni. Kọ́sítọ́mà rẹ̀ ni láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Màmá ní kí n fi ti Ìyá Kẹ́mi sílẹ̀ fún òun. Ó máa ń ná an gan-an, ní gbogbo ìgbà ni Ìyá Kẹ́mi sì máa ń pariwo pé Màmá fẹ́ pa òun.

Ṣùgbọ́n tá a bá délé, tí Màmá bá jókòó ti báàgì náà, tó ń fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń rí ẹ̀sà níbẹ̀, àwọn tó ti fọ́, tó ti ń ṣomi. Á yà wọ́n sọ́tọ̀, á ka iye wọn sínú. Ó máa ń bí mi nínú! Mo rò pé kò mọ bí ẹ̀sà yẹn ṣe ń débẹ̀ ni.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ti ní kí Màmá se oúnjẹ fíríìdọ̀mù ọmọ iṣẹ́ òun. Owó yẹn ló máa fi san owó ìdánwò tí mo fẹ́ fi wọ sẹ́kọ́ńdírì. A dé ọ̀dọ̀ Ìyá Kẹ́mi. Ó gbé rọ́bà tó dáa síwájú Màmá, Màmá fọwọ́ kàn án, wọ́n ná an, wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó ní etí ìró rẹ̀, mo rí Ìyá Kẹ́mi tó gbé rọ́bà yẹn sẹ́yìn, tó fa òmíràn jáde lábẹ́ tábìlì. Èyí ló fẹ́ dà sínú báàgì wa.

Ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí! Mo já rọ́bà kejì yẹn gbà, mo sì dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀sà! Ẹ̀sà ló tú jáde, pẹ̀lú ìwé àpò sìmẹ́ńtì tó fi tẹ́ ìdí rọ́bà kó lè ga. Mo figbe ta.

"Olè! Ṣé torí pé Màmá mi ò ríran lẹ ṣe ń ṣe é báyìí?"

Gbogbo ìsọ̀ yíjú sí wa. Mo gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́yìn tó ti jáde lẹ́nu mi tán.

Ìyá Kẹ́mi nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi! Mo ti mọ̀ tipẹ́, mo bo àṣírí rẹ̀, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe san án fún mi!"

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ kó tòmátì tó fọ́nká nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lára ọ̀kan, ó kọjá lára òmíràn, ó ń fọwọ́ pa erùpẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ìyàwó ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn wà níbẹ̀, ó ń ra ata. Èmi náà dúró, mo ń wò ó. Títí dòní ni mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò bẹ̀rẹ̀ bá a ṣà á.

Ó dìde, ó na ọwọ́ síbi tó rò pé mo wà. Ó ní, "Dúpẹ́, jẹ́ á lọ ulé."

Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí! A délé, ó jókòó, ó wá sọ fún mi pé òun mọ̀. Ìyá Kẹ́mi ló kọ́kọ́ rí i pé ojú òun ti ń lọ, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń fi ẹ̀sà sí i. Iye tó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, òun á yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tóun máa san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tóun fi ń ná an tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Kẹ́mi rò pé òun ń jẹ èrè, ó sì ń pa ẹnu mọ́.

Ó ní, "Kì í ṣe tòmátì nìkan ni mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mi."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ó ní òun rò pé mo ṣì kéré, kí n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rajà láìsí irọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá mẹkáníìkì ti ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹlòmíràn tó máa se oúnjẹ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìdajì ìrẹsì wa ló ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ Wẹ́sídé, ẹni mẹ́ta péré ló wá jẹun, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi ṣíbí tú ọbẹ̀ wò kó tó fi sẹ́nu. Màmá gbọ́ ìró ṣíbí yẹn. Kí oṣù náà tó parí, ó ní kí bàbá mi wá mú mi.

Bí mo ṣe dé Oǹdó nìyẹn. Mi ò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Màmá nìkan ló kù sí Àkúrẹ́, ó gbé ọdún mẹ́ta sí i láyé. Nígbà tá a lọ sin ín, aládùúgbò rẹ̀ kan sọ fún mi pé ẹ̀bà àti ata gbígbẹ ló ń jẹ kẹ́yìn. Mo béèrè ìdí. Ó ní kò rí ẹni tó máa lọ bá a yan tòmátì.

Ohun tí mo kọ́ kò dùn ún sọ. Mi ò ní kí ẹ máa wo olè níran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbèjà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ àti ìdí tó fi ń bò ó. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ yẹn ló sì gba oúnjẹ lẹ́nu Màmá mi.

Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tó ti fi ìfẹ́ ba ẹni tirẹ̀ jẹ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Mi ò ní dá yín lẹ́jọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti dárí ji ara yín, torí èmi ò tíì lè ṣe é.