Fóònù Tó Wú Nínú Káátọ̀nù Ẹrù Mi

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé fóònù mi ò dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì mọ́, ẹ̀rín ló pa mí. Mo fọwọ́ kan igun rẹ̀ kan, igun kejì dìde. Ó ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún bí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ò tẹ́jú. Àbúrò kan tí a jọ háyà yàrá ní Al Qusais, ní Dubai, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe sikiọ́ríti, wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Mama, fóònù yín ti lóyún o."

"Ta ló fún un lóyún?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ò jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀ ń fi sí ṣájà lábẹ́ ìrọ̀rí lójoojúmọ́, ẹ sì tún sùn lé e lórí."

Mo mọ orúkọ ọmọ yẹn. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mo sì ń dá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà mi, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ wọ́n síbí. Wọn ò rán mi níṣẹ́ ìyẹn.

Kó tó wú rárá ló ti ń dà mí láàmú. Màá fi sí ṣájà títí á fi kún, màá wọ ọkọ̀ ojú irin metro lọ sí ọjà Deira láti ra aṣọ ọmọdé àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tí mo máa ń kó lọ sílé. Kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ti lọ sílẹ̀. Nígbà míì á kọ ọ́ pé ó ku bí ìdajì, àfi kí ojú rẹ̀ ṣú lójijì, kó kú fin-ín. Tí mo bá tún fi sí ṣájà, á gbóná bí ìgbà tí èèyàn di ife tíì mú. Mo ní ooru ìlú yìí ni. Ta ni ò gbóná ní Dubai?

Nígbà tó yá, gíláàsì ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàrin. Mo fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó dè é lọ́nà méjì. Mo tún gbé Bíbélì ńlá mi lé e, pé bóyá á padà tẹ́. Kò tẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe, bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n fi òmíràn sí i. Mo ní mo gbọ́. Mi ò lọ.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Fóònù tí ọkọ mi kọ́kọ́ rà fún mi láyé, oní-bọ́tìnì ni. Tí èèyàn bá yọ bátìrì rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, aago àti ọjọ́ inú rẹ̀ á ti daṣẹ́ sílẹ̀, àfi kéèyàn tún un tò. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé bátìrì ló di gbogbo ohun tó wà nínú fóònù mú, pé tí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á dà nù bí omi inú garawa. Ohun tó sì wà nínú èyí tó wú yìí, ohùn ọkọ mi ni.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo lè kàwé, mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà mí lákòókò, ọkọ mi sì mọ̀. Kì í kọ nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ lórí òwò yìí, ńṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp, kí n máa gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá níbẹ̀. Pọ́ǹpù omi ti tún bàjẹ́. Ajá ará ilé kejì ò jẹ́ kí òun sùn. Á wúkọ́ díẹ̀, á wá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ti jẹun?" Kò sí èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi tí kò fi ìyẹn parí. Ọdún tó kọjá ni ó kú. Mo wà nílé, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tún padà wá ra ọjà, kò sí ẹni tó tún ń bi mí bóyá mo ti jẹun, àfi fóònù yẹn.

Àkókò àtipadà sílé wá tó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní wọn ò gbọdọ̀ rí irú fóònù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n á gbà á. Ìyẹn ló kó ọgbọ́n burúkú sí mi nínú. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lẹ́yìnkùlé wa nílé tó ń tún fóònù ṣe, ọkọ mi fọkàn tán an. Mo ní tí mo bá lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á mọ bí òun ṣe máa ṣe é tí ohùn náà ò fi ní sọnù. Mo bá wé fóònù náà sínú tówẹ́ẹ̀lì kékeré, mo tì í sáàrin bàtà àwọn ọmọdé nínú káátọ̀nù, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò pa á o. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pa á, ó lè má jí mọ́.

Ilé ẹrù tí a ti ń kó kágò ò jìnnà sí wa, ní apá ibi tí àwọn wẹ́ààháùsì wà ní Al Qusais. Ará Ìbàdàn ló ń gba ẹrù níbẹ̀, ọkùnrin tó sanra, tó máa ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu orí. Ó gbé káátọ̀nù mi sórí ìwọ̀n.

"Mama, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí bátìrì níbẹ̀? Kò sí pọ́fíìmù? Kò sí power bank?"

"Aṣọ àti bàtà ọmọdé ni."

"Ó dáa. Yalla, ó yá, ẹ fọwọ́ síbí."

Kí n tó di bíírò mú, káátọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọbìnrin mi ló ń pè mí láti Èkó. Ó dún títí, ó dákẹ́, ó tún dún. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.

"Mama," ni ará Ìbàdàn wí, "bàtà yín ń pè yín o. Ẹ gbé e!"

Ojú tì mí. Ó fi ọ̀bẹ la téèpù, ó tú tówẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó rí rọ́bà àti bí fóònù náà ṣe ṣe ikùn gbẹ̀ǹdù, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò pariwo. Ó rọra fọwọ́ méjì gbé e, bí ẹni gbé ẹyin, ó gbé e jáde lọ sórí sìmẹ́ńtì níbi tí òòrùn ò dé, tí káátọ̀nù kankan ò sí nítòsí. Ó rọra tú rọ́bà náà kúrò, ó pa á. Ojú fóònù náà ṣú.

"Mama, ta ló ní kẹ́ ẹ dè é?"

"Mo fẹ́ kó tẹ́ ni."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ láé. Gáàsì ló wà níkùn ẹ̀ yẹn. Bátìrì yẹn ti gbó, ooru ti bà á jẹ́, nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ń yí padà di gáàsì, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n ká jọ ni, ìpele lórí ìpele, ọ̀rá tín-ín-rín kan ló la wọ́n láàrin. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí nǹkan gún un, tí ìpele méjì fara kan ara wọn, iná ni. Iná yẹn kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Nínú bàálù, láàrin ẹrù gbogbo èèyàn..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó nu orí. "Níbo lẹ ti ń fi sí ṣájà?"

Mo ní abẹ́ ìrọ̀rí mi ni. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé iná yẹn ì bá pa ju èmi nìkan lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú náà ń sùn nínú yàrá yẹn.

Ibẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láàrin ọ̀sán, lójú àwọn èèyàn. Mo sọ ti ọkọ mi fún un. Mo ní kó gbà mí, kò gbọdọ̀ yọ bátìrì yẹn, ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó lóṣòó síwájú mi. "Mama mi, ohùn Bàbá ò sí nínú bátìrì. Bátìrì ò mọ nǹkan kan ju iná lọ. Ibòmíì nínú fóònù lohùn wà, ibẹ̀ ò sì nílò iná kó tó rántí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó fi ẹnìkan sídìí ìwọ̀n, ó wá agolo bisikíìtì kan, ó da iyanrìn sí i, ó gbé fóònù lé iyanrìn, kò dé e. A gbé e sínú ọkọ̀ pick-up rẹ̀, a kọjá sí Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Pakistan onírùngbọ̀n pupa tó ní ṣọ́ọ̀bù tín-ín-rín kan. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń wo agolo yẹn bí ẹni wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Ará Pakistan náà wò ó, ó mi orí. "Mama, no charge. Khalas." Ará Ìbàdàn túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ti tán, kí n má fi sí ṣájà mọ́. Ará Pakistan ṣí ojú fóònù. Kò fi irin kankan kan bátìrì náà. Ó kán omi kan sí etí rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè yọ́, ó ń fi ike pẹlẹbẹ gbé e díẹ̀díẹ̀, kò fà á, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jáde, mo rí i dáadáa. Ohun tó yẹ kó pẹlẹbẹ bí bisikíìtì ti wú bí ìrọ̀rí kékeré, awọ fàdákà rẹ̀ ń dán. Nǹkan tí mo ń gbórí lé nìyẹn! Ó gbé e sínú garawa irin tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, níbi táwọn míì bíi tiẹ̀ wà. Ará Ìbàdàn ní wọn kì í dà á sí pàǹtírí, àwọn kan wà tó ń wá kó wọn.

Ó fi tuntun sí i. Ó tẹ bọ́tìnì. Kò sí nǹkan kan. Mo di ọwọ́ ará Ìbàdàn mú, mo rò pé mo fún un já. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yọ, àwòrán ọmọ ọmọ mi hàn. Mo fi WhatsApp ọkọ mi han ará Ìbàdàn. Òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ mi wúkọ́. Ó ní pọ́ǹpù omi ti tún bàjẹ́. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ti jẹun?"

Ará Pakistan ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "What he say?"

"He ask if Mama don chop," ni ará Ìbàdàn wí.

"And? Mama eat?"

Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ará Pakistan nawọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó bu búrẹ́dì pẹlẹbẹ rẹ̀ sí méjì, ó gbé ìlàjì rẹ̀ àti tíì lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni ará Ìbàdàn ń fi gbogbo ohùn yẹn ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin mi, kó má bàa jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló wà. Ọmọ náà pè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé mo ní tó bẹ́ẹ̀.

Káátọ̀nù mi lọ sílé láìsí fóònù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé yàrá, mo gbé e sórí tábìlì, mo fọwọ́ kan igun rẹ̀ kan. Igun kejì ò dìde. Ọmọ Ìjẹ̀bú wò mí.

"Mama, ó ti bímọ?"

"Ó ti bí i. Wá, jẹ́ ká gbé ṣájà yìí kúrò nídìí ìrọ̀rí, ká wá ibi tó tẹ́jú fún un."

Ó bá mi gbé e sórí ilẹ̀ táìsì, níbi tí aṣọ kankan ò sí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ Bàbá. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi tó ti ń béèrè, mo dá a lóhùn sókè, bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ní mo ti jẹun, búrẹ́dì àti tíì, ní Sharjah.